Kò Sí Àṣìṣe ní Oríkèé

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo jókòó sí ní Tamale, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára, tí mò ń fi ẹ̀rín rántí ohun tó ti kọjá. Kò tíì kọjá lọ́kàn mi. Bí mo bá rí bírò pupa lórí tábìlì ẹnikẹ́ni, ọkàn mi á tún gbóná.

Bírò pupa ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti gúúsù fi kọ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ tébù nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọmọ náà jíwèé wò. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó tún fa òmíràn sí i, àfi bíi pé ìlà kan kò tó láti fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Èmi ni mo ń mójú tó iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ náà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, àdúgbò Nyohini ni mo sì gba ilé sí. Ní kíláàsì mi àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń pe orúkọ, mo bá orúkọ ará Ìlọrin kan pàdé. Lẹ́yìn kíláàsì, ọmọbìnrin kan wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé Hausa àti Dagbani, èdè àwọn ará ibẹ̀, ti jókòó sórí Yorùbá náà tipẹ́tipẹ́. Bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé Kùránì wá láti Ìlọrin, agboolé wọn sì wà ní àdúgbò Zogbeli títí di òní. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá fẹ́ sọ ọ́, á kọ́kọ́ máa wá a kiri bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nǹkan kan wà tí mo tètè ṣàkíyèsí nípa rẹ̀. Nílé wọn, obìnrin kì í bọ ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n máa ń gbé lé àyà, wọn á sì tẹrí ba díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe sí gbogbo àwọn olùkọ́ ọkùnrin wa nìyẹn. Olórí ẹ̀ka wa nìkan ló ń bọ̀ lọ́wọ́. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó sọ fún mi pé nígbà tí bàbá òun kú, ọkùnrin náà wá sí Zogbeli, ó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn ará ilé títí wọ́n fi sìnkú tán. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ló ti di bàbá fún òun. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà nítorí ìtàn yẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo okùn kan tí wọ́n so mọ́ òpó méjì, tí wọ́n fà le, tí ẹrù sì wà lórí rẹ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Okùn náà á tẹ̀ sísàlẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé níbi kọ̀ọ̀kan, báwo ló ṣe tẹ̀ tó? Fún okùn tó rọrùn báyìí, a mọ ìdáhùn gan-an, ìlà kan lórí ìwé ti tó o. Àmọ́ iṣẹ́ ọmọ náà ni láti fi ọ̀nà ìṣirò kan tí à ń pè ní Galerkin wá ìdáhùn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó lè wo bí ọ̀nà náà ṣe ṣeé gbára lé tó. Ó gé gígùn okùn náà sí ègé mẹ́jọ tó dọ́gba. Ibi tí ègé méjì ti pàdé ni à ń pè ní oríkèé. Láàárín oríkèé kan sí èkejì, kò gba okùn náà láyè láti tẹ̀ kọrọkọrọ, ìlà tó tọ́ gbọnrangandan nìkan ló gbà. Oríkèé kọ̀ọ̀kan wá ní àwòrán kékeré tirẹ̀ tó ga ní àárín, tó wálẹ̀ sí òdo ní oríkèé méjèèjì tó yí i ká. Fìlà ni àwa oníṣirò ń pè é. A ó to àwọn fìlà pọ̀, a ó wá bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ ga tó.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? A kò ní béèrè pé kí ìdáhùn wa bá òótọ́ mu níbi gbogbo, kò lè ṣeé ṣe, torí ìlà tó tọ́ kò lè di ìlà tó tẹ̀. Ohun tí à ń béèrè ni pé tí a bá gbé àṣìṣe tó kù sórí ìwọ̀n pẹ̀lú fìlà èyíkéyìí nínú àwọn fìlà wa, kí ìwọ̀n náà jẹ́ òdo. Ìyẹn ni pé kí ó má sí ohun tí àwọn fìlà náà tún lè ṣe sí àṣìṣe tó kù. Kì í ṣe bí ìlà méjì ṣe jìnnà síra ni ìwọ̀n yìí ń wò. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn ló ń wò, bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀ àti bí èkejì ṣe ń sọ̀, torí inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni agbára tó wà nínú okùn tí a tẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ìwọ̀n agbára.

Ọmọ náà ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó fọwọ́ ṣírò ẹrù orí fìlà kọ̀ọ̀kan, kò fojú bù ú. Nígbà tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ìlà àkọ́kọ́ nínú tébù rẹ̀ ni bí okùn ṣe tẹ̀ tó ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ìlà kejì ni ìdáhùn tòótọ́, ìlà kẹta ni àṣìṣe ní ìwọ̀n agbára. Ìlà kìíní àti ìkejì bára mu délẹ̀délẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan tó yẹsẹ̀. Ìlà kẹta kì í ṣe òdo. Bí ègé bá ṣe ń kéré sí i ní ìdajì, bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù ní ìdajì, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n láti gúúsù tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò wo ìlà kẹta. Ìlà kìíní àti ìkejì ló rí.

Ní ọjọ́ tí ọmọ náà wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó sì bọ olórí ẹ̀ka lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sẹ́yìn. Àṣà wa ni pé ẹni tó mójú tó iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń gba ẹnu ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbé ìwé sókè, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, òun kò rí i rí kí ọ̀nà ìṣirò tó kàn ń sún mọ́ òótọ́ bá òótọ́ mu láìyẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mú àṣìṣe òdo wá, yálà kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí ó ti da ìdáhùn tòótọ́ kọ sínú ìlà àkọ́kọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ọmọ náà kò sì dà bí èyí tó bàjẹ́.

Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde, sà." Ohun tó lè sọ nìyẹn. Ẹ̀rù ti gba gbogbo ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo nawọ́ sókè. Olórí ẹ̀ka fi orí sọ fún mi pé kí n gbé ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní kó lọ mú ohun tí ọ̀nà náà mú jáde ní tòótọ́ wá kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fà á lé àwọn ìgbìmọ̀ ìbáwí lọ́wọ́ pé ó jíwèé wò, wọn á sì lé e. Ẹ má gbàgbé ibi tí a wà o. Ní Zogbeli, tí wọ́n bá lé ọmọ alfa kúrò ní yunifásítì nítorí olè ìwé, inú ọgbọ̀n agboolé ni ọ̀rọ̀ náà máa sùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo kọ ojú ìwé kan tó ṣàlàyé ohun tó fà á, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó dá mi lóhùn pé kò tọ́ kí alámòójútó máa bá olùyẹ̀wò jiyàn kí ìgbèjà tó parí. Kò kà á. Bó bá kà á ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà á.

Mo lọ bá olórí ẹ̀ka ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tú omi sínú ife fún mi, ó ní kí n jókòó, kí n rọra. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò burú, àṣìṣe ló kàn fẹ́ rí. Ó ní kí ọmọ náà gbọn àwọn nọ́ńbà yẹn jìgìjìgì díẹ̀, kí nọ́ńbà kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn póíǹtì yẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní, sà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ ṣá? Wọ́n ní ọmọ yìí purọ́, kò purọ́, ẹ wá ní kó lọ purọ́ kí wọ́n lè gbà pé kò purọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi náà le jù. Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ ọ́.

Ó ti sọ ọ́ fún un kí n tó wọlé.

Mo mọ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ wá sí ilé mi ní Nyohini. Ìyá rẹ̀ ń ta tùràrè, tí àwa ń pè ní tùràrí, àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ó gbé kòsé, àkàrà tiwọn, gbígbóná wá sínú abọ́, òórùn tùràrè ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n bu omi fún òun kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ ṣe hàkúrì, ẹ ṣe sùúrù. Olórí ẹ̀ka ti sọ fún ọmọ mi pé àṣìṣe ni bàbá yẹn ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kó fún un ní àṣìṣe."

Mo ní rárá. Mo ní màá fi hàn án pé ọmọ rẹ̀ kò ṣe ohun tí wọ́n sọ. Mo fa ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ń sá aṣọ sí, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé wa. Mo ní kó wo okùn tí aṣọ tútù ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Mo bi í pé, nínú ègé kan ṣoṣo, láti èèkàn aṣọ yìí sí ìyẹn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ okùn yìí ń yí padà ní gbogbo ibi, àmọ́ ìlà tìrẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan péré. Èwo lo máa mú kó lè sún mọ́ gbogbo wọn jù lọ? Ó ní, "Èyí tó wà láàárín wọn, mà. Average wọn." Mo ní ó dára. Kí ni average gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ okùn láti oríkèé kan sí èkejì?

Ó wo okùn náà títí. Mo rí i nígbà tí ó yé e, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ibi tó dé, yọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, pín in sí gígùn." Ó wá sọ ìyókù fúnra rẹ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀: pé ìlà tòun sọ̀ kalẹ̀ nínú ègé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí okùn gan-an sọ̀ kalẹ̀, pé láti ara òpó kan náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọn gbọ́dọ̀ tún pàdé ní oríkèé kìíní, àti ìkejì, àti ìkẹta, títí dé òpó kejì. Láàárín oríkèé ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe wà.

Mo ní, ohun tí o kọ sójú ìwé tó kọjú sí tébù rẹ gan-an nìyẹn, pé nínú gbogbo ohun tí a lè fi fìlà tò, ti Galerkin ló sún mọ́ òótọ́ jù ní ìwọ̀n agbára. Mo ní kó dúró síwájú ògiri ilé mi. Mo ní ibi tó sún mọ́ ọ jù lára ògiri yìí ni ibi tó kọjú sí ọ gan-an. Bí o bá yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà rẹ gùn sí i. Bí o bá yà sósì, ó gùn sí i náà. Bí àwọn fìlà wa ṣe rí nìyẹn. Àṣìṣe tó kù kò dúró sí ẹ̀gbẹ́ fìlà kankan, ó kọjú sí gbogbo wọn. Nítorí náà, bí o bá fọwọ́ kan oríkèé kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ díẹ̀ tó kéré jù, agbára ohun tí o fi kún un máa lọ jókòó sórí àṣìṣe àtijọ́ ni. Kò lè dín in kù láé. Mo ní kí ó má gbọn nọ́ńbà kankan, torí ìlà kẹta rẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀.

Ó ní, "Wallahi, mà, ó yé mi."

Ìyá rẹ̀ ti dúró tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀wé, àmọ́ òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé ẹni tó máa fún ọmọ òun ní ìwé ẹ̀rí náà ti gbọ́.

Mo ti sọ pé ó yé ọmọ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbèjà kejì, wọ́n pín ìwé tuntun fún wa, mo ṣí i sí tébù. Àárín okùn, níbi tó ti jẹ́ 0.125 tẹ́lẹ̀, ti di 0.1262. Gbogbo oríkèé ló ti yẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan wá sísàlẹ̀. Ìlà kẹta, ti ìwọ̀n agbára, wà bó ṣe wà. Kò fọwọ́ kàn án. Mo wá ojú rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Inú bí mi débi pé mi ò gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà sọ. Èkejì ni mo gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi bírò pupa rẹ̀ lu tébù náà jẹ́jẹ́. Ó ní iṣẹ́ tó jẹ́ olóòótọ́ rèé. Ó ní òun mọyì akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gba ìbáwí. Olórí ẹ̀ka sì ń mi orí bí ẹni tó gbin nǹkan tó sì hù.

Ṣé kí n dìde? Bí mo bá dìde, màá fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé ọmọ yìí ti jíwèé wò báyìí ní tòótọ́. Bí mi ò bá dìde, irọ́ á gboyè. Mo ṣì jókòó síbẹ̀ tí mò ń bá ara mi jà, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, torí inú rẹ̀ dùn, ní kó wá sí bọ́ọ̀dù, kó fi ègé méjì péré han àwọn yòókù bí àṣìṣe ṣe ń wọlé.

Ègé méjì. Oríkèé kan, fìlà kan. Ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó kọ nǹkan. Ó kọ ọ́: agbára fìlà náà, mẹ́rin. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀, ìdajì. Nítorí náà, bó ṣe ga tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kọ ìdáhùn tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́: ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó fi ègé mẹ́rin ṣe é. Ó ṣe é. Ìdá mẹ́ta nínú méjìlélọ́gbọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìdá mẹ́ta nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ìdáhùn tòótọ́ náà, bákan náà ló rí. Ọkùnrin náà dìde, ó lọ sí bọ́ọ̀dù, ó tún un ṣírò fúnra rẹ̀. Nǹkan tó gbòòrò, bí pẹpẹ àti odò tí wọ́n sé, ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà máa ń ṣírò, níbi tí gígùn àti ìbú jọ wà. Níbẹ̀, oríkèé kì í bá òótọ́ mu báyìí. Inú okùn kan ṣoṣo tó rí bákan náà jálẹ̀ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kò sì bá a pàdé rí. Mo mọ̀ pé lójú ẹsẹ̀ yẹn ló mọ̀ pé tébù àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Mo retí pé kó ní "ẹ má bínú". Ọmọlúwàbí ló bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi retí rẹ̀.

Ó yíjú sí ọmọ náà. Ó ní, "Ibo wá ni o ti rí 0.1262?"

Ọmọ náà wo olórí ẹ̀ka. Olórí ẹ̀ka ń wo fèrèsé, bí ẹni tó rí nǹkan pàtàkì lójú òpópónà. Ọmọ náà ní, "Èmi ni mo yí i padà, sà."

Mo dìde. Àṣà ni, àṣà kọ́, mo dìde. Mo ní olórí ẹ̀ka ló ní kó yí i padà, ó sọ ọ́ fún èmi náà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì tú omi fún mi níjókòó kan náà. Mo ní ẹ̀yin, ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ pe òótọ́ ní irọ́, ẹ sì yin irọ́ pé òótọ́ ni, bọ́ọ̀dù sì ti dá yín lóhùn lójú gbogbo wa. Olórí ẹ̀ka ní òun sọ pé kí ọmọ náà yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ni, bóyá Gẹ̀ẹ́sì ló fa àìgbọ́ra-ẹni-yé. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun sọ nǹkan mìíràn, ìwé rẹ̀ dà? Kò sí ìwé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní ìwé.

Mo bá ọmọ náà lábẹ́ igi níta. Mo fẹ́ bá a wí, mo ti ṣí ẹnu.

Ó ní, "Mà, nígbà tí mo sọ òótọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Mo wá rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ìlà kẹta yẹn, mo gbìyànjú láti yí i padà. Ọwọ́ mi ò gbà á."

Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, nínú mọ́tò mi, pẹ̀lú fèrèsé títì nínú ooru yẹn.

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó purọ́ nípa àbájáde ìwádìí. Òótọ́ sì ni. Wọ́n kò mẹ́nu kan ẹ̀sùn àkọ́kọ́ mọ́, àfi bíi pé kò sẹ́ni tó kọ pupa sí ìwé rẹ̀ rí. Olórí ẹ̀ka ló fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi náà kọ̀wé lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ yunifásítì, mo kọ ọ́ gùn, mo kọ ọ́ léraléra, gbogbo ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé wọ́n ti rí i gbà. Bí mo bá ń gba Zogbeli kọjá, mo máa ń rí i níwájú ilé wọn, tó jókòó ti tùràrè ìyá rẹ̀. Ó máa ń dìde kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá rẹ̀ kì í bínú sí mi, ìyẹn ló tún burú jù. Ó máa ń bi mí pé ṣé ara le, á sì di tùràrè fún mi sínú ọ̀rá.

Nígbà tí ọdún náà pé, ó padà wá. Ìwé àkọ́kọ́ ló tún tẹ̀, kò yí nọ́ńbà kankan padà. Gbólóhùn kan péré ló fi kún un, lábẹ́ tébù, ó sì tẹ ìṣirò ojú bọ́ọ̀dù yẹn sí abẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kò sí àṣìṣe ní oríkèé, kí ẹni tó bá ń wá àṣìṣe wò ó láàárín. Olùyẹ̀wò mìíràn ló wá lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin kan tó ka gbogbo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó béèrè ìbéèrè tó le, tó sì gba ìdáhùn. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Àwa tó wà nínú yàrá náà pàtẹ́wọ́.

Olórí ẹ̀ka pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wa lọ. Ó yí tábìlì po, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní gbólóhùn abẹ́ tébù yẹn wú òun lórí, ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ òun á ṣe é. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé àyà, ó sì tẹrí ba díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí àwọn tó kù. Ọwọ́ ọkùnrin náà ṣì nà síbẹ̀ nígbà tí ó jáde.